Tí mo bá gé àwòrán ojú fóònù, kí ló ṣì kù lára rẹ̀?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ fi àwòrán ojú fóònù tó fi hàn pé ajẹ́ǹtì gba owó iná lọ́wọ́ mi ránṣẹ́ sáàárín àwa ayálégbé. Samsung ni mò ń lò, orúkọ fáìlì náà sì ni `Screenshot_20250314_091542_WhatsApp.jpg`: ọjọ́, aago àti áàpù ti hàn síta. Àmì áàpù tó ń yáni lówó tún yọjú lókè (ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn!). Màá gé etí òkè yẹn, màá sì yí orúkọ fáìlì padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ṣé ọjọ́ tàbí irú fóònù kò ní ṣì wà nínú fáìlì náà? Àbí kí n kúkú fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí Wásáàpù máa ń fún fọ́tò lórúkọ mìíràn?