Àbájáde ìbéèrè mi lórí "nous mangeons"

"Kí ló dé tí ìwé iṣẹ́ Faransé mi fi kọ nous mangeons, nígbà tó jẹ́ pé nous parlons ló kọ fún parler?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Olùkọ́ tó dáhùn ló là á yé mi: bí g bá ṣáájú o, a ó pè é bíi g inú "ogun", nítorí náà ni wọ́n ṣe fi e sílẹ̀ kí ìró manger má baà yí padà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lo ç nínú nous commençons. Ẹni tó ní gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe er ló ń gba e yìí sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn tó parí sí ger nìkan ni. "A ń jẹ ìrẹsì" ti di nous mangeons du riz. Bóyá olùkọ́ mi yóò fẹ́ nous sommes en train de manger, kò tíì dá mi lóhùn.