Aago ọ̀tọ́máàtíìkì bàbá mi: ṣé kò kún ni, àbí òróró rẹ̀ ti gbẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa aago ọwọ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Bàbá mi fún mi ní aago wọn, Seiko ni, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 7S26, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lo bátìrì. Irin kan tó ń yí nínú rẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń mì ló ń ká sìpíríǹgì. Kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ká a rárá, ọjọ́ àti àkókò nìkan ló ń yí.

Mo mọ̀ pé bó bá kún, nǹkan bíi wákàtí 40 ló yẹ kó lò kó tó kú. Bí mo bá bọ́ ọ sí dúrọ́ọ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè, tó kú lọ́sàn-án Túsìdè, kò sí àìsàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀ Mọ́ńdè ni tèmi ti máa ń kú. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ń wọ̀ ọ́ lọ, ìjókòó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí n wá gbé e kalẹ̀, kí n kọ iye wákàtí tó bá lò kó tó kú sílẹ̀. Bí kò bá tó 30, ṣé òróró inú rẹ̀ ló gbẹ? Àbí irin tó ń yí yẹn ni kò ká a dáadáa? Báwo ni mo ṣe lè mọ ìyàtọ̀ kí n tó gbà kí wọ́n tú u? Ojúde Ọba ń bọ̀, bàbá sì fẹ́ rí i lọ́wọ́ mi.