Ṣé "ògiri asà" tó láti pe fáláǹsì?

Olùtúmọ̀ ìwé ìtàn:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìwé ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni mò ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ fáláǹsì, bí àwọn ọmọ-ogun wọn ṣe ń tò pọ̀ lójú ogun. "Ògiri asà" ni mo kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá mi yẹ iṣẹ́ náà wò ní ògiri kì í rìn. Kí ni kí n pè é? Kí ló sì wà nínú rẹ̀ gan-an tó fi ṣòro láti fọ́ bí èèyàn bá kọjú sí i láti iwájú?

Nọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ má wulẹ̀ dààmú, ọ̀rọ̀ náà ti ní orúkọ. Ní ilé-ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìyá àgbà wa tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí dókítà bá ti pe fáláǹsì, "eegun ìka" ni mo máa ń sọ fún wọn, ó sì máa ń yé wọn. Ìka kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta, àtàǹpàkò nìkan ló ní méjì. Bí wọ́n ṣe gbé eegun ìka dé ojú ogun ni kò yé mi.

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì:

Àǹtí wa nọ́ọ̀sì, ibi tí ẹ gbà kọ́ la ń lọ, àmọ́ ẹ̀ka ọ̀nà mìíràn lẹ yà sí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lẹ́nu àwọn Gíríìkì, ìtì igi ni fáláǹsì. Wọ́n wá fi ń pe àwọn ọmọ-ogun tó tò lọ gbọọrọ, àwọn oníṣègùn sì mú un fún àwọn eegun tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú ìka. Èyí tí ọmọ wa ń béèrè ni ti àwọn ọmọ-ogun.

Kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo asà náà dáadáa, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í mú ló bí ìyókù. Igi ni wọ́n fi ṣe é. Ó rí roboto, inú rẹ̀ jìn díẹ̀ bíi ti àwo, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà láti etí dé etí, ó sì lè wúwo tó kílò 6 sí 8. Okùn kékeré tí ọwọ́ ń dì mú kò sí láàárín rẹ̀. Etí asà ló wà. Ohun tó wà láàárín ni kójà idẹ kan, tí ọmọ-ogun máa ń ti apá òsì rẹ̀ bọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Níwọ̀n bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti wà ní àárín gbùngbùn asà, apá kan asà ni yóò bò ó, apá kejì a sì yọ kọjá ejìká òsì rẹ̀. Ẹni tó dúró sí òsì ni apá kejì yẹn ń bò, ní ìhà ọ̀tún tí onítọ̀hún fi gbé ọ̀kọ̀, tí kò sì ní nǹkan kan tí yóò fi dáàbò bò ó. Báyìí ni olúkúlùkù ṣe fi ìhà ọ̀tún ara rẹ̀ sábẹ́ asà aládùúgbò rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ròyìn pé nígbà tí wọ́n bi Dẹmarátọ́sì, ọba ìlú Sípátà ní ilẹ̀ Gíríìkì, léèrè ohun tó fà á tí ẹni tó bá sọ asà nù fi ń tẹ́, tí ẹni tó sọ àkẹtẹ̀ irin nù kì í sì í tẹ́, ó dáhùn pé àkẹtẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó dé e, ṣùgbọ́n asà jẹ́ ti gbogbo ìlà.

Ẹ wá fi ara yín sípò ẹni tó ń bọ̀ láti iwájú. Ohun tó rí kò ju ojú inú àkẹtẹ̀ àti ojúgun tí wọ́n fi idẹ bò lọ. Asà ló gba gbogbo àárín méjèèjì. Bó bá gún ọ̀kan, ọ̀kọ̀ ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bọ̀ wá bá a. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹni ẹ̀yìn a bọ́ síwájú, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń tò tó 8 lẹ́yìn ara wọn.

Ọmọ-ogun tó ti fẹ̀yìn tì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fi ibi tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi asà dá àwọn èrò tó ń ṣe rògbòdìyàn dúró. Ẹni iwájú kò lágbára kankan àfi bí ẹni ẹ̀yìn bá fi ejìká tì í lẹ́yìn. Títì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni mẹ́jọ tó ń ti ara wọn síwájú, ta ni yóò dá wọn padà? "Ọ̀wọ́ atìwájú" ni kí ẹ pè é. Mo sì gbà pé kò sí ẹni tó fọ́ ọ rí kí ìbọn tó dé.

Olùkọ́ ìtàn:

Ọ̀gá, àwọn Gíríìkì fúnra wọn máa ń sọ pé wọ́n ti ọ̀tá, nítorí náà ẹ kò sọ àsọdùn níbẹ̀. Àwọn ará Tébésì, ìlú Gíríìkì mìíràn, tò ní 25 lẹ́yìn ara wọn ní Délíọ́mù lọ́dún 424 ṣáájú Kristi, wọ́n sì tò tó 50 ní Lẹ́úkítírà lọ́dún 371, níbi tí Ẹpaminóńdásì ọ̀gágun wọn ti ṣẹ́gun Sípátà. Ó dájú pé wọ́n rí nǹkan kan nínú kí èrò pọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bóyá gbogbo ìlà ń fi ara ti ara wọn bí ìgbà tí a bá ń ti ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà, tàbí bóyá "títì" jẹ́ àkànlò lásán fún lílé ọ̀tá sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ṣì ń jà sí i títí di òní. Èmi kò ní fi ohun tí wọn kò tíì parí ìjà lórí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ti pé kò sí ẹni tó fọ́ ọ rí, ẹ wo ogun Mantíníà lọ́dún 418 ṣáájú Kristi, tí Tukídídésì, òpìtàn Gíríìkì, ròyìn rẹ̀. Ágísì ọba Sípátà kó ogun rẹ̀ bọ̀, wọ́n ń fi fèrè rìn jẹ́jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn lè bá ara mu, kí ìlà má sì já. Tukídídésì sọ pé gbogbo ogun irú èyí máa ń yẹ̀ sí ọ̀tún bó bá ti ń rìn lọ. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún kò ní aládùúgbò tí yóò bo ìhà rẹ̀, nítorí náà yóò máa yẹra kí ìhà náà má bàa kọjú sí ọ̀tá. Ẹni tó tẹ̀ lé e a sún mọ́ asà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyókù yóò máa ṣe títí gbogbo wọn yóò fi yẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tó so wọ́n pọ̀ náà ló ń fà wọ́n kúrò lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Ágísì rí i pé ọ̀tá ti fẹ́ yọ kọjá ìpẹ̀kun òsì òun, ó ní kí àwọn ará òsì sún jáde, kí ọ̀gágun méjì sì kó ènìyàn wọn wá láti ọ̀tún láti dí àlàfo tí èyí máa fà. Àwọn ará òsì sún. Àwọn ọ̀gágun méjì kọ̀, nítorí pé ọ̀tá ti dé tán. Ó ní kí àwọn ará òsì padà. Ọwọ́ kò bá a mọ́. Àlàfo náà ni àwọn ará Mantíníà àti àwọn ọmọ Ágọ́sì bá wọlé, wọ́n sì lé apá òsì Sípátà títí dé ìdí kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Síbẹ̀ Sípátà ló borí níkẹyìn, nítorí pé àárín tí ọba wà kò já. Púpọ̀ nínú àwọn tó dojú kọ wọ́n níbẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí ọ̀kọ̀ kan ọ̀kọ̀. Wọ́n wá lé àwọn ọ̀gágun méjì náà kúrò nílùú.

Ọmọ ọdẹ láti Òkè-Ògùn:

Bí mo ṣe ń kà á ni òòrẹ̀ ń wá sí mi lọ́kàn. Bí òòrẹ̀ bá gbé ẹ̀gún rẹ̀ sókè, ajá tó mọ́gbọ́n dání kì í súnmọ́ ọn. "Ìtò òòrẹ̀" ni mo dá lábàá. Ọmọ ilé-ìwé kò ní gbàgbé rẹ̀.

Olùkọ́ ìtàn:

Òòrẹ̀ yẹn dára gan-an fún ti àwọn ará Makedóníà tó dé lẹ́yìn náà. Ọ̀kọ̀ tiwọn gùn tó mítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e, nítorí náà asà wọn kéré, wọ́n sì máa ń fi okùn gbé e kọ́ ejìká. Pòlíbíọ́sì, òpìtàn Gíríìkì mìíràn, ṣírò rẹ̀: ẹnu ọ̀kọ̀ márùn-ún ló ń yọ síwájú ẹni iwájú kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀kọ̀ ìlà kejì títí dé ìkarùn-ún kọjá rẹ̀. Ààyè tí ọmọ-ogun Róòmù kan nílò láti fi idà jà tó ti ará Makedóníà méjì, nítorí náà ẹnu ọ̀kọ̀ mẹ́wàá ni ẹnì kan ṣoṣo ní láti là kọjá. Àwọn ìlà ẹ̀yìn máa ń gbé ọ̀kọ̀ tiwọn sókè ní ìdagun láti gba ohun tí ọ̀tá bá jù lù wọ́n.

Èyí ló jẹ́ kí "ògiri asà" máa ṣe mí bákan: ó bá ti Sípátà mu, kò bá ti Makedóníà mu.

Ọmọ ọdẹ:

Nígbà náà mo ní láti fa ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn díẹ̀. Mo bi bàbá mi, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òòrẹ̀ kì í fi orí jà. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ẹni tó bá ń lé e, ẹ̀yìn náà ni ẹ̀gún rẹ̀ gùn sí. Ṣé àwọn yìí náà lè fi ẹ̀yìn jà?

Olùkọ́ ìtàn:

Rárá o, bàbá yín ti bá wa tú u. Ní Pídínà lọ́dún 168 ṣáájú Kristi, ogun Pẹ́síúsì, ọba Makedóníà, lé àwọn ará Róòmù sẹ́yìn lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ débi pé Emílíọ́sì Páúlọ́sì, ọ̀gágun Róòmù, jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ba òun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lé wọn lọ ni wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti rí gbágungbàgun nídìí òkè. Apá kan ń yára, apá kan ń lọ́ra, àlàfo sì ń ṣí láàárín wọn. Páúlọ́sì pín àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ọ̀wọ́ kéékèèké kí wọ́n máa gba inú àlàfo wọlé. Bí ọ̀tá bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, ọ̀kọ̀ mítà 6 kò ṣeé yí padà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yíjú, ti ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò fi kọ́. Ọ̀bẹ kékeré ló kù fún wọn láti fi ko idà Róòmù lójú.

Ní tèmi, "ọ̀wọ́ adìmọ́ra" ni. Ọ̀wọ́ máa ń rìn, ó ju ìlà kan lọ, adìmọ́ra sì sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ẹ lè wá pe ti Sípátà ní ọ̀wọ́ alásà, ti Makedóníà ní ọ̀wọ́ ọlọ́kọ̀ gígùn.

Olùtúmọ̀:

Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ti yí i sí "ọ̀wọ́ adìmọ́ra". Ẹ̀rù ọ̀kan yòókù ló ń bà mí: bí ilé ìtẹ̀wé bá yọ àmì ohùn kúrò, "ọ̀wọ́ ọlọ́kọ̀ gígùn" yóò di àwọn onítírélà lójú àwọn ọmọ.

Ọmọ-ogun tó ti fẹ̀yìn tì:

Wọn kì bá má ṣe àṣìṣe púpọ̀, tírélà náà kì í lè yí padà. Ṣùgbọ́n títì ni mo ṣì dúró lé.