Ìdajì òkè kò bá ìdajì ìsàlẹ̀ dọ́gba: báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé géèjì epo fún ọmọ mi?

Bàbá Tóyìn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló máa wa Corolla wa lọ Ilọrin láti Ìbàdàn, èmi á jókòó tì í. Ó bi mí pé láti F dé ìdajì, kìlómítà 290 la rìn. Láti ìdajì dé ìgbà tí iná epo tàn, 195 péré. Mi ò rí èsì fún un.

Ọ̀gá Rẹ́wáyà: Géèjì yín ò bàjẹ́, sà. Fúlótà kan ló ń léfòó nínú táǹkì, òun ló ń darí abẹ́rẹ́. Tí epo bá kún dẹ́nu, fúlótà ti kanlẹ̀ lókè, kò ráyè gòkè mọ́. Epo tó borí rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ jó, abẹ́rẹ́ ò sì ní mira rárá.

Oníkọ̀ Mọ́kọ́lá: Kí la ń dààmú sí? Táǹkì Corolla gba líítà 50. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ó tán.

Ọ̀gá Rẹ́wáyà: 50 yẹn dáa, pípín rẹ̀ ni ò dáa. Táǹkì ò rí gbọọrọ bíi jálá, ó ní kọ̀rọ̀ àti ibi tó yọ gọnbu. Ọmọ yẹn ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀: kìlómítà ni kó máa kà. Ẹ rọ epo títí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù á fi já fúnra rẹ̀, ẹ má fún un kún un. Kó di bọ́tìnnì TRIP A tó ń ka kìlómítà ìrìn mú títí tó fi padà sí 0. Lẹ́yìn ìrìn náà, ẹ padà sí pọ́ọ̀ǹpù kan náà, ẹ tún rọ ọ́ títí á fi já. Ká ní ẹ rin 276, ó gba líítà 24: 11.5 lórí líítà kan nìyẹn. 195 yín wá jẹ́ bíi líítà 17.

Ìyá Ìbejì: Tèmi, F ló máa ń wà ṣáá, mo lọ Abẹ́òkúta mo bọ̀. Ṣé kì í jẹ epo ni?

Ọ̀gá Rẹ́wáyà: Háà, màmá! Fúlótà ti há tàbí wáyà ló ń ṣe é. Ẹ má gbà á gbọ́, TRIP ni kí ẹ máa wò.

Bàbá Tóyìn: Tó bá kúrò nílé pẹ̀lú ìdajì táǹkì ńkọ́?

Ọ̀gá Rẹ́wáyà: Nítorí ẹ́síì àti gósílóò, ẹ má lo 11.5, ẹ lo 10. Líítà 17 á gbé yín rin 170. Ilọrin tó bíi 160. Ó ti fún jù, ẹ rọ epo ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tó tẹ́jú ni kó ti ka géèjì o. Lórí òkè, epo á wọ́ lọ sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ á purọ́.

Oníkọ̀ Mọ́kọ́lá: Tí iná bá tàn, ó ṣì kù tó líítà méje. Ìyẹn náà ń rìn.

Ọ̀gá Rẹ́wáyà: Ó ń rìn, ṣùgbọ́n epo ló ń mú pọ́ọ̀ǹpù inú táǹkì tutù. Ẹ máa fi iná rìn lójoojúmọ́, ẹ máa ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun.

Oníkọ̀ Mọ́kọ́lá: Ayédèrú pọ́ọ̀ǹpù náà ń bàjẹ́ báyẹn, kì í ṣe iná nìkan.