Fídíò àdìrẹ mi ju ìṣẹ́jú kan lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo ni mo wà. Mo kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, mo sì ń yọ àwọn ẹ̀dà kúkúrú jáde nínú rẹ̀. Lẹ́tà ìròyìn tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn èèyàn ti parí, ti Fesibúùkù náà sì rọrùn: kókó kan, àwòrán kan.

Fídíò ìṣẹ́jú kan ló dá mi lágara. Ọ̀rọ̀ 260 ni mo kọ. Nígbà tí mo kà á sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì. “Láyé àtijọ́” ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdajì.

Mo fẹ́ fi ibi tí aṣọ ti ń jáde nínú aró bẹ̀rẹ̀: á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á di búlúù. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ àlàyé nípa ẹ̀kọ tí a fi ya àrà sí aṣọ náà, kí aró má baà mú ibẹ̀, kúrò nínú fídíò, ṣé àrà funfun náà á yé òǹwòran? Kí lẹ máa gé?