Ẹ sọ ìrírí yín: súláìdì àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ẹ tún kọ fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà

Aṣọ́dò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Àwọn ẹnjiníà omi kan gbé súláìdì wọn fún mi ní Ìbàdàn pé kí n tún un kọ fún ìpàdé àwọn onílé tí ń gbé lẹ́bàá odò. Wọ́n kọ “àkúnya ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún” sí orí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì kọ iye omi tí yóò máa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kà á fún bàbá onílé kan, ó sì dáhùn pé, “Ṣebí 1980 ni Ògùnpa ya, ó di 2080 nìyẹn.”

Mo yọ gbólóhùn náà kúrò pátápátá. Mo ní kí wọ́n fojú inú wo àpò kan tí ẹ̀wà funfun 99 àti pupa kan wà nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, a óò di ojú mú ọ̀kan, bí ó bá jẹ́ pupa, omi yóò dé ibí, a óò sì dá a padà sínú àpò kí ọdún mìíràn tó dé. Ẹni tí yóò bá gbé ibẹ̀ fún 30 ọdún, ìṣeéṣe pé yóò bá omi náà pàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan tó 26 nínú 100. Dípò iye omi, mo lo àwòrán ògiri ilé tí a fa ìlà sí níbi tí omi yóò ga dé.

Ìyá Ìbejì: Bàbá onílé ti fún odò ní ìsinmi títí di 2080!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Irú rẹ̀ ni mo ń bá yí lórí ọ̀rọ̀ jínótáìpù. Súláìdì wa kọ “25 nínú 100”, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́rin, pé ọmọ yóò jẹ́ SS fún tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Ìyàwó kan tí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ SS gbà pé mẹ́ta tí ó kù ti bọ́ nìyẹn. Mo wá kọ ọ́ pé: “Oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tí ọmọ tí ẹ ti bí jẹ́ kò yí ti èyí tí ń bọ̀ padà.”

Olùṣirò: Àpò ẹ̀wà náà dára, ṣùgbọ́n 30 ni ó yẹ kí ẹ kọ, kì í ṣe 26. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, ọdún sì jẹ́ 30.

Ẹnjiníà Odò: Bí a bá ń ro ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún 100 yóò di 100 nínú 100, ìyẹn ni pé dandan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí omi lè dé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó sì lè má dé rárá. Nǹkan bí 63 ni ó jẹ́ fún 100 ọdún. Ẹ̀dùn ọkàn tèmi ni pé Aṣọ́dò sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹ̀wà pupa kan ṣoṣo náà dájú. Láti ara àkọsílẹ̀ òjò, tí kì í sábà pé 100 ọdún, ni a ti ṣírò rẹ̀, bí ìdọ̀tí bá sì dí odò tàbí tí wọ́n bá kọ́lé sí ojú rẹ̀, pupa lè di méjì tàbí mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́: Èmi a máa sọ lẹ́tà di ńlá, mo sì ń lo àwọ̀ búlúù.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a ń sọ.

Aṣọ́dò: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, mo kọ gbólóhùn kan sí i pé bí ìdọ̀tí bá dí odò, omi yóò ga ju ìlà náà lọ. Bí mo bá sọ gbogbo iyèméjì inú ìṣirò náà, wọn yóò ní àwọn tí ó ṣe é pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ẹnjiníà Odò: N kò tíì gbà. Kí ló dé tí ẹ kò kọ “ó kéré tán, ẹ̀wà pupa kan”?

Olùṣirò: Ó dára, mo gba ti 26 náà. Àmọ́ omi dé ní 1980, ó tún dé ní 2011. Ṣé pupa ti pọ̀ nínú àpò nìyẹn?

Ẹnjiníà Odò: Ẹ̀ẹ̀mejì péré kò tó láti fi sọ bẹ́ẹ̀. Òjò méjèèjì kò dọ́gba, ìlú náà sì ti fẹ̀ sí i láàárín wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Aṣọ́dò, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ó yé wọn? Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ bá bi wọ́n.

Aṣọ́dò: N kì í bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Mo bi wọ́n pé, “Bí omi bá dé lọ́dún yìí, ṣé ó lè dé lọ́dún tí ń bọ̀?” Ẹni tí ó bá ní kò lè dé, ọdún 100 ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí ó fa ìjà ni ìlà ara ògiri, nítorí àwọn kan ní kí a má fa irú rẹ̀ sí ara ilé gan-an kí ayálégbé má baà rí i.

Ìyá Ìbejì: Ayálégbé ni èmi o. Ẹ fà á, kí ẹ sì lo ọ̀dà tí òjò kò lè fọ̀.