Ẹ̀yin tí ẹ ti pa ímeèlì àtijọ́ rẹ́, kí ló bá a lọ?

Ìyá Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Yahoo kan láti ayé káfẹ́ẹ̀ tí a máa ń sanwó wákàtí. Ìpolówó ló kún inú ẹ̀, mo fẹ́ pa á rẹ́. Ta ló ti ṣe é?

Délé, Súrùlérè: Ẹ má da ara yín láàmú, mà. Ẹ pa á tì. Tí ẹ ò bá wọlé fún oṣù 12, Yahoo fúnra wọn á tì í. Bí tèmi ṣe lọ nìyẹn.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Yábàá: Òótọ́ ni ti oṣù 12, Délé, àmọ́ ó kù. Lọ́dún 2013, Yahoo kó orúkọ táwọn èèyàn ti pa tì, wọ́n fún ẹlòmíì tó bá béèrè. Tí Facebook rẹ bá ṣì wà lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbà á á kàn tẹ "Forgot password?" ni, kóòdù á bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìyá wa, oníbàárà mi kan ń ta bàtà ní Balógun. Ká tó fọwọ́ kan nǹkan kan, a tẹ verify sínú àpótí ìwárí ímeèlì rẹ̀, a tún tẹ welcome àti receipt. Facebook jáde, báǹkì jáde. Gmail tó ń lò lónìí náà jáde, torí Yahoo yẹn ló fi sílẹ̀ fún ọjọ́ tó bá gbàgbé páásíwọọ̀dù. A wá ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: a fi tuntun sí i, a rí i pé kóòdù wọ ibẹ̀, ká tó yọ ti àtijọ́. Ti báǹkì, ẹ̀ka wọn ló lọ láti kọ fọ́ọ̀mù.

Èyí tó fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni orúkọ wẹ́ẹ̀bù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ̀wé pé owó ti tó san, ó sì ti nu ti èṣí kúrò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò tíì tì í nígbà tí ti ọdún yẹn dé. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan, mà, kí ẹ máa yọjú síbẹ̀.

Àdùnní, Èbúté Mẹ́ta: Àbúrò mi pa Gmail ẹ̀, fótò àti YouTube ẹ̀ bá a lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Yahoo náà ń ṣe?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Yábàá: Rárá o, odindi akáǹtì Google ló pa. "Delete a Google service" ló yẹ kó tẹ̀, Gmail nìkan ni ì bá lọ. Wọ́n á kàn ní kó mú ímeèlì mìíràn tí á máa fi wọlé wá. Kó tètè lọ sí "account recovery" báyìí, torí tó bá pẹ́, ó lè má rí i gbà mọ́. Ó kéré tán, Google kì í fi orúkọ Gmail tó ti kú fún ẹlòmíì.

Ìyá Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà: Netflix tọ́mọ mi fi káàdì mi ṣe ńkọ́? Tí mo bá ti ímeèlì yẹn, ṣebí owó á dúró?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Yábàá: Kò ní dúró, mà. Káàdì ni wọ́n ń gé e lórí ẹ̀. Kí ọmọ wọlé lọ fagi lé e nígbà tí ímeèlì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Délé, Súrùlérè: Ẹ̀gbọ́n, Yahoo mi tó lọ yẹn ni Facebook mi wà lórí ẹ̀ o. Ṣé mo lè tún fi orúkọ kan náà ṣí òmíràn?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Yábàá: Gbìyànjú ẹ̀ wò, mi ò lè ṣèlérí. Ṣé nọ́ńbà fóònù rẹ wà lórí Facebook yẹn? Ibẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.